Bí ẹ ṣe lè kọ kọmprihẹ́nṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì fún àgbàlagbà láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun bò wọ́n mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: "Mo kọ kọmprihẹ́nṣọ̀n fáwọn àgbà tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ tuntun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ sínú ẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí ni." Tí mo bá ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí n wò ó, ohun kan náà ni mo máa ń rí níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá nínú ìtàn tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀?

Ó ti sú mi láti máa dáhùn níkọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀ ni mo ṣe kó o síbí. Ìtàn kan ṣoṣo la máa fi ṣe é dópin, èyí tí mo kọ fún kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan n'Íbàdàn. Àwọn oníṣòwò àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, ìpele wọn sì jẹ́ A2, ìyẹn ìkejì nínú ìpele mẹ́fà tí Council of Europe gbé jáde lọ́dún 2001 láti fi wọn bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè tó, tó lọ láti A1 dé C2. Ẹni tó wà ní A2 lè ra ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè sọ̀rọ̀ nípa ẹbí ẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀, ó lè ka gbólóhùn kéékèèké, àmọ́ tí gbólóhùn bá ti ń gùn, ó ti sọnù nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, òun lẹ mọ̀ sí Entry 2.

Kẹ́ ẹ tó mú bírò

- Ìpele kan ṣoṣo lẹ máa kọ ọ́ fún. Tí kíláàsì yín bá dàpọ̀, ẹ kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ gbígbìn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́ nínú ìtàn náà: méjì, tàbí mẹ́ta tó bá pọ̀ jù.
- Ìtàn tó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́la. Àgbàlagbà tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, ẹ má gbé ìtàn ológbò àti eku kalẹ̀ fún un.
- Bírò aláwọ̀ méjì, ẹ máa rí ìlò ẹ̀ níwájú.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe

Lọ́dún 2000, Hu àti Paul Nation, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀, gbé ìtàn kan fáwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀ rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí òye ti ń já. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ 80 nínú 100 péré ni wọ́n mọ̀, kò sẹ́nì kankan tó gbọ́ ìtàn náà dáadáa. Ní 95, àwọn díẹ̀ gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé kéèyàn tó lè dá ka nǹkan kó sì gbọ́ ọ láìsí wàhálà, ó yẹ kó mọ nǹkan bí 98 nínú 100.

Ẹ wá fi tiyín ṣírò ẹ̀ báyìí. Ìtàn yín jẹ́ ọ̀rọ̀ 150, ẹ gbin mẹ́wàá sí i, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ sì lo ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá nínú 150 ti fẹ́ẹ̀ tó 7 nínú 100, a ò sì tíì ka àwọn ọ̀rọ̀ míì tí wọn ò mọ̀ tẹ́yin náà ò fura sí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti wà lábẹ́ 95 kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Ohun tó tún máa ń ya tíṣà lẹ́nu ni pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbígbìn bá jáde la máa kà á. Ọ̀rọ̀ méjì, ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́rin nìyẹn. Nínú ìtàn ọ̀rọ̀ 100, 96 ló kù tí wọ́n mọ̀. Èmi gba 96 tí mo bá wà níwájú wọn, torí mo lè dáhùn ìbéèrè. Tó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti máa lọ kà á, mo máa fa ìtàn náà gùn dé ọ̀rọ̀ 200 láìfi ọ̀rọ̀ tuntun kankan kún un, ìgbà yẹn ló máa di 98.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ọ̀rọ̀ náà fún yín

Ẹ má jókòó sílé máa ronú ọ̀rọ̀ tó "dáa". Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lórí kókó kan sórí bébà, ẹ pín in fún wọn, kí wọ́n fi àmì sí èyí tí wọ́n mọ̀, kẹ́ ẹ sì ní kẹ́nì kan sọ ìtumọ̀ mélòó kan nínú àwọn tí wọ́n fi àmì sí, torí àgbà wa kì í fẹ́ kó hàn pé òun ò mọ̀.

Kókó tèmi ni owó láàárín oníbàárà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo wọn mọ "price" àti "pay". Ọ̀pọ̀ wọn mọ "change". Èyí tí kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe jẹ́ gan-an ni "deposit" àti "refund", bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba àsansílẹ̀ tí wọ́n sì ń bá oníbàárà jà lórí owó tó yẹ kí wọ́n dá padà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn gbìn nìyẹn: wọ́n mọ nǹkan náà dáadáa, orúkọ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn ò mọ̀. Tí nǹkan náà bá ṣàjèjì, tí orúkọ ẹ̀ náà tún ṣàjèjì, iṣẹ́ méjì lẹ gbé lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ò ti ṣeé yẹ̀ sílẹ̀

Àìmọye tíṣà ló máa ń kọ ìtàn tán kó tó wá ibi tó máa ki ọ̀rọ̀ bọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń dá dúró bí àlejò tí ò mẹnì kankan lóde ìnáwó. Ẹ bi ara yín pé: níbo ni "deposit" àti "refund" ti máa ń pàdé? Lọ́dọ̀ télọ̀ ni jàre! Wọ́n sanwó sílẹ̀, aṣọ ò jáde, òde ti tó, wọ́n ń gbowó wọn padà. Ìtàn ti parí, kò sí gbólóhùn kan tá a fipá mú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kà á

Bí tèmi ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe rèé. Ọ̀rọ̀ 100 gééré ni:

```
Bola sells fish in the market. She wanted a new dress
for her sister's wedding. The tailor said, "The price is
ten thousand naira. Pay a deposit of four thousand now,
and pay six thousand when the dress is ready." Bola paid
the deposit and went home. Two weeks later, the dress was
not ready. The wedding was the next day. Bola was angry.
"I don't want the dress any more," she said. "I want a
refund." The tailor gave her all her money back. Bola
counted her refund. It was four thousand naira. She bought
another dress with it.
```

Gbólóhùn mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, nǹkan bí ọ̀rọ̀ méje ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó gùn jù jẹ́ ọ̀rọ̀ 16, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni torí òun ló gbé ìtumọ̀ "deposit" dání: mẹ́rin nísinsìnyí, mẹ́fà tó bá yá, mẹ́wàá lápapọ̀. Oníṣòwò ò ní pàdánù ìṣirò yẹn láé.

Ẹ wo bí "dress" ṣe ń padà wá ṣáá. Níléèwé, wọ́n kọ́ wa pé ká má tún ọ̀rọ̀ kan pè, ká wá èyí tó jọ ọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ gbàgbé ìyẹn pátápátá. Tẹ́ ẹ bá pè é ní "dress" níbí, tẹ́ ẹ pè é ní "gown" lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ tún wá pè é ní "outfit", akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé aṣọ mẹ́ta ni Bọ́lá rán, ẹ sì ti gbin ọ̀rọ̀ méjì tẹ́ ẹ ò ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kékeré ẹlẹ́tàn

Ibí ni mo ti ṣubú jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ohun tí télọ̀ sọ ni "pay the rest when the dress is ready". "Rest" kẹ̀, ta ni ò mọ "rest"? Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, àmọ́ "sinmi" ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ìyá kan jókòó, ó ro ó títí, ó wá bi mí pé ṣé télọ̀ ní kí Bọ́lá lọ sinmi kó tó wá sanwó ni. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ohun tí mo kọ ló kà. Mo yí i sí "pay six thousand", ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì tún wá jẹ́ kí "deposit" hàn kedere sí i.

Èkejì ni "gave her back all her money". Ẹ fi ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà á: "gave her back", ó fún un ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé "back" lọ sí ìparí gbólóhùn, ó sì dẹ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tèmi ni. Mo ti kọ "I don't want the dress again" kí n tó mọ̀, Yorùbá ẹnu mi ló jáde sínú Gẹ̀ẹ́sì, "mi ò fẹ́ ẹ mọ́". "Any more" ló yẹ kó jẹ́. Ẹ bá mi wá a nínú tiyín, ó máa ń wà níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi bírò aláwọ̀ méjì ṣe rèé: ẹ fi aláwọ̀ kan fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbígbìn, ẹ fi èkejì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré èyíkéyìí tó ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Tí àwọ̀ kejì bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìtàn yín le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà lè lo AntWordProfiler, ti Laurence Anthony, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé ìtàn yín sínú ẹ̀, á fi hàn yín ọ̀rọ̀ tó wà nínú 1,000 àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lò jù, èyí tó wà nínú 1,000 kejì, àti èyí tó wà lóde. Ó wúlò, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara lé e. Á ka "naira" sí ọ̀rọ̀ tó wà lóde, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí ò mọ náírà ní kíláàsì mi. "Rest" ni kò ní sọ nǹkan kan sí, torí lẹ́tà ló ń wò, kò mọ ìtumọ̀ tẹ́ ẹ lò ó fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìpele ọ̀rọ̀ kan, ẹ wò ó nínú English Vocabulary Profile, ó máa ń fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá a ṣì lè mọ̀ ọ́n

1. Ẹ da ìtàn náà kọ, ẹ fi àlàfo sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ gbígbìn wà.
2. Ẹ fún ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí kò tíì rí ìtàn náà rí.
3. Ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ tó bá wá sí i lọ́kàn dí àlàfo náà.
4. Tó bá mú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, ó ti dáa. Tí ohun tó mú wá bá jìnnà, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, kò sí ohun tó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà nínú ìtàn yín ni.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì la máa lò ni pé tóun tó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ò bá lè mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, báwo lẹni tí kò rí i rí ṣe máa mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán tèmi wò, ohun tí ọ̀rẹ́ mi fi sí àyè "refund" ni "discount". Ó tọ̀nà! Nínú dráfútì yẹn, mo kàn kọ ọ́ pé Bọ́lá bínú, ó béèrè "refund", ó sì lọ sílé. Ìgbà tí mo fi gbólóhùn tí télọ̀ ti dá gbogbo owó padà tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni "discount" tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àmì jìnnà sí ọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ṣáájú tàbí gbólóhùn kan lẹ́yìn ti tó.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé "A deposit is money that you pay..." Ìtumọ̀ díkíṣọ́nnárì nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi í sí àárín ìtàn, ìtàn ti dúró nìyẹn, wọ́n á sì há a sórí láìronú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìbéèrè tí àdàkọ ò lè dáhùn

Ká ní mo béèrè pé "What did Bola pay?" Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ibi tí "Bola paid" wà, á da "the deposit" kọ, ẹ óò fún un ní máàkì, kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ò sí láyé: "Bola paid the blik. What did Bola pay?" Ẹ̀yin náà dáhùn ẹ̀ báyìí, àbí? Ìbéèrè èyíkéyìí tó bá ṣeé dáhùn pẹ̀lú "blik", ẹ fà á ya.

Àwọn tí mo lò rèé:

```
1. How much did Bola pay on the first day?
2. How much did she still need to pay?
3. How much of Bola's money did the tailor keep?
4. You buy a phone. It is bad. The seller gives you
   another phone. Is that a refund? Why?
```

Ìkíní rọrùn, kó kàn lè tú wọn lára ni. Ìkejì ń wò ó bóyá wọ́n mọ̀ pé "deposit" kì í ṣe gbogbo owó. Ìkẹta ń wo gbólóhùn tó ṣàlàyé "refund". Ìkẹrin ni ọba wọn, torí kò sí nínú ìtàn rárá: ẹni tó bá sọ pé "Yes" rò pé "refund" ni pípààrọ̀ ọjà, ẹni tó bá ní "No, because no money" ti mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì bá a jà lórí gírámà. Nínú kíláàsì mi, ìdajì ló sọ pé "Yes" lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ta fóònù láàárín wọn ló jí dìde ṣàlàyé ju èmi lọ.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan:

- Ṣé ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ò le ju ti ìtàn lọ?
- Yàtọ̀ sí ti ìparí, ṣé ẹni tí ò ka ìtàn náà lè dáhùn ẹ̀? Tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.
- Tó bá jẹ́ ìbéèrè A, B, C, ṣé ìdáhùn tó tọ́ kọ́ ló gùn jù? Àwọn àgbà ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́.

Ká kọ ìtumọ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Ẹ lè ṣe é, pàápàá tí ọ̀rọ̀ gbígbìn bá ti tó mẹ́ta tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sílé. Àmọ́ ẹ wọn ìtumọ̀ náà dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kọ "àsansílẹ̀" síwájú "deposit", ó súnmọ́ ọn, kò bá a mu délẹ̀délẹ̀, torí èèyàn lè san gbogbo owó ọjà sílẹ̀ ká tó gbé e fún un, àsansílẹ̀ la ṣì ń pe ìyẹn. "Owó díẹ̀ tá a kọ́kọ́ san" ló bá a mu jù. Èmi kì í kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn bébà ni mo máa ń kọ ọ́ sí, kí wọ́n kọ́kọ́ méfò ná.

Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, tí kò sì sẹ́ni tó máa bá yín dán an wò

Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà láàárín, kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé jù. Ẹ fún un ní ìtàn náà, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá dá a lójú. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ gbígbìn kúrò, tí ìlà tó kù sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ọ̀rọ̀ 100, ẹ padà lọ pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi Yorùbá sọ ìtàn náà fún yín. Ibi tó bá ti ń fò ni gbólóhùn yín ti wọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ìtàn náà gòkè sí B1

Ẹ má tún ìtàn míì wá. Ní B1, "deposit" àti "refund" ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀, ẹ óò wá gbin ẹyọ kan tàbí méjì míì, ẹ óò sì máa so gbólóhùn pọ̀:

```
Although the tailor promised to finish the dress that
night, Bola insisted on a refund.
```

"Insist" lọ̀rọ̀ tuntun níbẹ̀, "although" ló sì gbé àmì ẹ̀ dání: télọ̀ ń bẹ̀bẹ̀, Bọ́lá ò gbà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tó le àti gbólóhùn tó gùn kún ìtàn A2 lọ́jọ́ kan náà, tí wọn ò bá gbọ́ ọ, ẹ ò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló dí wọn lọ́nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Ìgbà méjì tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ nínú ìtàn kan ò tó kó dúró lórí wọn. Mo tún gbé "deposit" wá lọ́sẹ̀ kejì nínú ìtàn ẹnì kan tó ń wá ṣọ́ọ̀bù, mo gbé "refund" wá nínú ìtàn tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí kò gbéra, mi ò sì fa ìlà sábẹ́ wọn mọ́. Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ "rest" lọ́jọ́ yẹn dé kíláàsì lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní oníbàárà òun kan fẹ́ gbowó padà lórí ẹja tó ti sè tán, òun sì dá a lóhùn pé "No refund!"